Ìlà Ewé Tó Yí Orí Ká

Ọ̀pọ̀ wa ti rí irú fídíò yìí. Ọkùnrin kan dúró, ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, Òkè Olúmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí àti èjìká rẹ̀ ká, etí irun orí rẹ̀ gún régé ju bí irun ti máa ń rí lọ, ohun kan sì ń rú bí èéfín lápá ọ̀tún àwòrán. Kò sí ẹni tí yóò gbà pé ó dé Abẹ́òkúta. Iwájú aṣọ aláwọ̀ ewé ló dúró sí nínú yàrá, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà yọ aṣọ náà kúrò kí wọ́n tó fi Olúmọ rọ́pò rẹ̀.

Àbùkù méjì ló wà nínú fídíò yẹn, orísun wọn kò sì papọ̀. Èéfín apá ọ̀tún wá láti ara iná tí kò tàn dọ́gba sórí aṣọ. Ìlà ewé wá láti ara ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ náà dá padà sára ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú ọ̀pá kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa fà á títí èéfín àti ìlà náà yóò fi lọ. Ọ̀pá yẹn gan-an ló ń jẹ irun ènìyàn run. Mo fẹ́ kí a fi nọ́ńbà wò ó, nítorí ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan kò tún ní fa ọ̀pá yẹn láìrò ó.

Àwọn èérún kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì ni wọ́n fi ṣe àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà mẹ́ta ló sì wà fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: ti pupa, ti ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Lórí aṣọ ewé, nọ́ńbà ewé ga ju méjì yòókù lọ fíìfíì. Lórí ara ènìyàn, ìbáà jẹ́ adúláwọ̀ tàbí aláwọ̀ funfun, pupa ló máa ń ṣáájú. Nítorí náà kọ̀ǹpútà kì í béèrè pé ṣé ewé ni èyí. Ohun tó ń béèrè ni pé, báwo ni ewé ṣe fi ju èyí tó pọ̀ jù nínú méjì yòókù lọ tó? Bí ìyàtọ̀ yẹn bá pọ̀, aṣọ ni. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ènìyàn ni. Bí ó bá wà láàárín, àdàlù ni: etí irun, ìṣẹ́tí aṣọ, tàbí ọwọ́ tí ẹni náà ń jù bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Petro Vlahos, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ìṣirò ìyàtọ̀ àwọ̀ yìí di irinṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣe sinimá. Aṣọ búlúù ni wọ́n ń lò nígbà náà, wọ́n sì lo ọgbọ́n rẹ̀ nínú fíìmù Ben-Hur tó jáde ní 1959. Ní 1976 ó dá ilé-iṣẹ́ Ultimatte sílẹ̀, èyí tó ń ṣe ẹ̀rọ fún iṣẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò lónìí ṣì ń ṣe ìyọkúrò yẹn nínú. Èsì rẹ̀ máa ń jẹ́ àwòrán kejì tó jẹ́ funfun àti dúdú: ènìyàn á funfun, aṣọ á dúdú, etí irun á sì jẹ́ àwọ̀ eérú. Àwòrán funfun-òun-dúdú yìí ló ń sọ ibi tí ẹ̀yìn tuntun yóò ti hàn àti ibi tí kò ní hàn, òun ló sì yẹ kí ojú wa wà lára rẹ̀ nígbà iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan yẹ̀ wò. Obìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Kò di irun rẹ̀, ó fún un ká sókè. Ó wọ ańkárá yẹ́lò. Aṣọ ewé tí wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ṣùgbọ́n iná kan ṣoṣo ni wọ́n tàn sí i, lápá òsì. Nígbà tí a wo píksẹ́lì aṣọ lápá òsì, pupa jẹ́ 50, ewé 180, búlúù 60. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180 dín 60, ìyẹn 120. Lápá ọ̀tún tí iná kò dé dáadáa, pupa jẹ́ 40, ewé 110, búlúù 45. Ìyàtọ̀ ti ibẹ̀ jẹ́ 65 péré.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà fi atọ́ka tẹ aṣọ lápá òsì, ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Aṣọ nìyí." Láti ìgbà yẹn, 120 ni kọ̀ǹpútà mọ̀ sí aṣọ pátápátá. Nígbà tó dé apá ọ̀tún tó bá 65, ó pín in sí 120, ó rí ìdá 54 nínú 100, ó sì pinnu pé aṣọ ibẹ̀ kò ju ìdajì àti díẹ̀ lọ, pé ìdá 46 tó kù jẹ́ ara ènìyàn. Èéfín tó ń rú lápá ọ̀tún nìyẹn. Kò sí ènìyàn níbẹ̀ rárá, ìṣirò ló gbé e síbẹ̀.

Ọ̀pá tí gbogbo ènìyàn ń fà nìyí: wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo ohun tí kò bá tó ìdá 46 di dúdú pátápátá. Èéfín á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo píksẹ́lì kan létí irun lápá òsì, níbi tí ìdajì ti jẹ́ irun, tí ìdajì yòókù sì jẹ́ aṣọ. Irun dúdú náà fúnra rẹ̀ jẹ́ pupa 30, ewé 20, búlúù 18. Bí a bá da á pọ̀ mọ́ aṣọ ní ìdajì-ìdajì, a ó rí pupa 40, ewé 100, búlúù 39. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, ìyẹn ìdajì 120, kọ̀ǹpútà sì ti sọ òótọ́ pé ìdá 50 ló jẹ́ irun. Lẹ́yìn tí a fa ọ̀pá, ìdá 50 yẹn á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 8. Irun tó yẹ kó hàn bí ìdajì kò hàn mọ́. Gbogbo etí irun obìnrin náà lápá òsì, níbi tí iná ti dára jù, ló san gbèsè òkùnkùn apá ọ̀tún.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a má fi aṣọ apá òsì ṣe òṣùwọ̀n fún apá ọ̀tún. Kí a fi ìyàtọ̀ ibi kọ̀ọ̀kan wọn ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí apá ọ̀tún bá ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, 65 pín sí 65 yóò fún wa ní aṣọ pátápátá, èéfín á sì tán láìfa ọ̀pá kankan. Irun tó wà lápá ọ̀tún, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ aṣọ, á jáde ní ìdá 54. Ó sún mọ́ òtítọ́ gidigidi, nígbà tí òṣùwọ̀n apá òsì ìbá pè é ní ìdá 75.

Ohun tó ń fún kọ̀ǹpútà ní òṣùwọ̀n fún ibi kọ̀ọ̀kan ni àwòrán òfìfo, ìyẹn àwòrán aṣọ ewé náà láìsí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Bí a ti ń yà á rọrùn: kí ẹni náà tó wọlé, tàbí lẹ́yìn tó bá ti jáde, kí kámẹ́rà ya aṣọ náà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, láìjẹ́ kí kámẹ́rà tàbí iná yí kúrò ní ipò wọn. Ibi tí àwọn tó ń lo fóònù ti ń ṣe àṣìṣe ni pé fóònù fúnra rẹ̀ ń ṣàtúnṣe ìmọ́lẹ̀. Bí obìnrin náà bá kúrò, fóònù á rí i pé gbogbo àwòrán ti di ewé, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, á sì tún àwọ̀ ṣe, àwòrán òfìfo tí a yà kò sì ní bá ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mu mọ́. Ẹ ti gbogbo ìyẹn pa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ ti ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti ojú ìwòran mọ́ ibì kan.

Ní ìlú tiwa, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà ńbẹ̀. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, agbára tó ń dé àwọn iná sítúdíò lè yàtọ̀, bí aṣọ ṣe mọ́lẹ̀ tó á sì yí padà. Fáànù tí a tàn padà tún lè fẹ́ aṣọ náà kó di wíwé níbòmíràn. Lẹ́yìn irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, àwòrán òfìfo tuntun ni kí a yà. Kí a má lo ti àkọ́kọ́ fún apá tó tẹ̀ lé e.

Nínú DaVinci Resolve, tí apá rẹ̀ tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún iṣẹ́ yìí, ojú ewé Fusion ni a ó lọ. Irinṣẹ́ tó ń yọ àwọ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Delta Keyer, ó sì ní ẹnu ọ̀nà kan tí a ń fi àwòrán òfìfo sí. Bí a kò bá yà á, tí ẹni náà sì ti lọ sílé, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Clean Plate. Ó ń mú aṣọ tó hàn yí ènìyàn náà ká, ó ń gé ènìyàn náà kúrò, ó sì ń fa àwọ̀ aṣọ tó wà létí wọlé títí ihò àárín yóò fi dí. Àfọwọ́dá ni ihò tó dí yẹn, kò sì mọ̀ bóyá òjìji wà lẹ́yìn obìnrin náà, ṣùgbọ́n etí ni iṣẹ́ wa wà. Létí gan-an ni àfọwọ́dá yẹn sì ti sún mọ́ òótọ́ jù. Ẹni tó ń lo Blender yóò rí irinṣẹ́ Keying Screen, tó ń ti ara àwọn ibi tí a bá fi àmì sí lórí aṣọ ṣe irú àwòrán òfìfo bẹ́ẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ti mọ́, ẹ má wo àwòrán aláwọ̀. Ẹ wo àwòrán funfun-òun-dúdú, kí ẹ sì mú kí ojú kọ̀ǹpútà tàn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí èéfín tó kù díẹ̀ kì í hàn lójú lásán. Dúdú gbọ́dọ̀ dúdú níbi gbogbo, inú ara ènìyàn gbọ́dọ̀ funfun láìsí ihò, etí irun sì gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ eérú. Bí etí irun bá ti di funfun àti dúdú lásán, a ti fa ọ̀pá jù.

Àwọ̀ ewé tó kù sára ló kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìlà ewé túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kò tíì gé tó, wọ́n á wá máa sún etí wọlé ní píksẹ́lì kan, méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n fọ́nrán irun kan nínú fídíò tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920 lè má ju píksẹ́lì kan lọ. Ẹni tó bá sún etí wọlé ní píksẹ́lì méjì ti fá irun náà. Èyí tó sì burú jù ni pé ìlà ewé lè ṣì wà níbẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí aṣọ dá padà ti tàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn àti èjìká, ó sì ti wọlé ju píksẹ́lì méjì lọ. Ara ẹni náà ni awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, kò yẹ kí a gé e. Àwọ̀ tó ràn mọ́ ọn ni kí a fọ̀ kúrò.

Ìfọ̀ yìí tún jẹ́ ìṣirò kékeré kan. A ní kí nọ́ńbà ewé píksẹ́lì kankan má ga ju ààlà kan lọ, nọ́ńbà pupa àti búlúù ló sì ń pinnu ibi tí ààlà náà wà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀:

```
G = min(G, (R + B) / 2)
G = min(G, max(R, B))
```

Ti àkọ́kọ́ ní kí ewé má ju ìdajì àpapọ̀ pupa àti búlúù lọ. Ti kejì ní kí ó má ju èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì lọ. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin wa. Lójú iná tó dára, awọ ara rẹ̀ jẹ́ pupa 96, ewé 66, búlúù 52. Lẹ́bàá àgbọ̀n níbi tí aṣọ ti tàn sí i, ó di pupa 98, ewé 104, búlúù 58. Ọ̀nà àkọ́kọ́ á mú ewé wá sí 78, awọ náà á padà di awọ tó pọ́n díẹ̀, tó jẹ́ ti ènìyàn. Ọ̀nà kejì á dá ewé dúró ní 98, bákan náà pẹ̀lú pupa, àgbọ̀n á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Fún awọ adúláwọ̀, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo máa ń yàn. Awọ tí ewé kò ràn mọ́ kò tilẹ̀ ní yí padà rárá, nítorí ìdajì àpapọ̀ 96 àti 52 jẹ́ 74, ewé rẹ̀ sì jẹ́ 66, kò tíì dé ààlà.

Ṣùgbọ́n ańkárá yẹ́lò ńkọ́? Píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ pupa 220, ewé 180, búlúù 40. Kò sí ewé tó ràn mọ́ ọn, bí yẹ́lò ti rí nìyẹn: pupa àti ewé púpọ̀, búlúù díẹ̀. Bí a bá lo ọ̀nà àkọ́kọ́, ewé á já láti 180 sí 130, yẹ́lò á sì di àwọ̀ ọsàn. Oníbàárà tó ra ańkárá náà á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà kejì kò ní fọwọ́ kàn án rárá, nítorí 180 kò tó 220. Ohun tó yẹ ni kí a ya ààlà yí aṣọ rẹ̀ ká, kí a lo ọ̀nà kejì fún aṣọ àti ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ojú, ọrùn àti irun. Iṣẹ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí bọ́tìnì kan tó lè ṣe méjèèjì pọ̀ dáadáa. Nínú Delta Keyer, Spill Method ló ń yan bí ìfọ̀ yóò ti le tó, láti Rare dé Burnt. Ibi tó rọ̀ jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wo aṣọ ẹni náà bí ẹ ti ń gòkè.

Nígbà tí a bá yọ ewé, a yọ ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ewé ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Etí irun tó ti mọ́ á wá dúdú díẹ̀, bí a bá sì gbé ojú sánmà òwúrọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ìlà dúdú á rọ́pò ìlà ewé. Ẹ má bínú sí ìfọ̀, ó ti ṣe tirẹ̀. Ohun tó kù ni kí a dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀yìn tuntun. Iye tí a yọ lára ewé, bíi 26 tó wà láàárín 104 àti 78 lórí àgbọ̀n yẹn, ni òṣùwọ̀n ibi tí a ó da ìmọ́lẹ̀ sí: níbi tí a ti yọ púpọ̀, kí a dá púpọ̀ padà, níbi tí a kò yọ nǹkan, kí a má fi nǹkan kan sí i. Bí sánmà bá wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ sánmà ni kí a fi sí i díẹ̀. Bí ògiri amọ̀ bá ni, àwọ̀ amọ̀. Ibi kan náà tí aṣọ ewé ti ń tàn sí ara rẹ̀ ni sánmà ìbá ti máa tàn sí i ká ní ìta ló dúró sí lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń gbà á.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni a lè dín kù níbi tí a ti ń ya fídíò. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jìnnà sí aṣọ ní mítà méjì ó kéré tán, kí òjìji rẹ̀ má bàa bọ́ sórí aṣọ, kí ìmọ́lẹ̀ aṣọ sì ti rọ̀ kó tó dé ara rẹ̀. Kí aṣọ ní iná méjì tirẹ̀, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, kí a yí iná òsì sí apá ọ̀tún aṣọ, kí a yí ti ọ̀tún sí apá òsì, kí wọ́n lè pàdé dọ́gba láàárín. Kò yẹ kí aṣọ mọ́lẹ̀ ju ojú ẹni náà lọ. Bí aṣọ bá ti ń tàn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń ràn sí i. Ewé tí kámẹ́rà kò nílò láti rí, pàápàá èyí tó wà nílẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a fi aṣọ dúdú bò ó. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni wọlé, kí a gbé àwòrán aṣọ sínú Resolve, kí a ṣí Parade. Ìlà ewé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tinrin, kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ láti òsì dé ọ̀tún. Bí ó bá dagun sílẹ̀ lápá kan, iná ibẹ̀ ni kí a gbé sún mọ́ ọn. Bí ó bá nípọn, aṣọ náà ti wé, áyọ́ọ̀nù ló nílò.

Àwọn ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí kò tó. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń kọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹyọ kan ni wọ́n ń kọ fún píksẹ́lì mẹ́rin. Etí tí kọ̀ǹpútà ń wá wà nínú àwọ̀ yẹn, ìdí nìyí tí etí irun fi máa ń jáde bí àtẹ̀gùn. A lè da àwọ̀ nìkan rú díẹ̀, láìfọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀, kí a tó ṣe àwòrán funfun-òun-dúdú. Yóò rọ̀, ṣùgbọ́n fọ́nrán irun tí fóònù kò kọ sílẹ̀ kò ní padà. Gèlè tó ń dán bíi wúrà àti dígí ojú ń fi aṣọ ewé hàn nínú ara wọn bíi ti awò. Kọ̀ǹpútà á gbẹ́ ihò síbẹ̀, àyàfi bí a bá fi ọwọ́ ya ààlà inú tó ní kí ó funfun. Bí ẹni náà bá sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, tàbí tó so ìlẹ̀kẹ̀ ewé mọ́rùn, aṣọ búlúù ni kí a ta sẹ́yìn rẹ̀, kí a sì pàrọ̀ ààyè ewé àti búlúù nínú gbogbo ìṣirò òkè yìí.

Kí a tó gbé e jáde, kí a fi ẹ̀yìn tuntun sí i, kí a sì wò ó bó ṣe ń lọ, láìdá a dúró, lórí fóònù tí àwọn ọmọ náà yóò fi wò ó. Àwòrán tó dúró sójú kan kì í fi gbogbo àbùkù hàn. Bí etí irun bá ń gbọ̀n, tó ń hàn tó ń pòórá bí obìnrin náà ti ń mi orí, àwòrán òfìfo ni kí a padà lọ yẹ̀ wò, kí a wò ó bóyá iná tàbí kámẹ́rà yí padà láàárín méjèèjì, kí a tó fọwọ́ kan ọ̀pá kankan.